Ọ̀sẹ̀ Kan Péré Ni Mo Fi Àjíkẹ́ Sílẹ̀

Nígbà tí mo dé láti Ọ̀yọ́, ìwé mi ṣì wà níbi tí mo fi sí, lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, eruku ọyẹ́ ti bò ó. Mo fi etí ìró nù ún, mo ṣí i, mo ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo tún un kà. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn pàdé ẹnì kan ní Tákìé tó ń kí i tayọ̀tayọ̀, tó ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òun náà ń rẹ́rìn-ín, tó ń dáhùn, àmọ́ tí kò rántí ẹni tí onítọ̀hún jẹ́.

Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Ìdájí ni mo máa ń kọ ọ́, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé àti bíró ni mo ń tà, nítorí náà mi ò lè sọ pé ìwé ló wọ́n mi. Àjíkẹ́ ni olú ẹ̀dá ìtàn náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Tàmálè, lápá àríwá Gánà, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí agbo ilé púpọ̀ nílùú wa tí ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn. Ìtàn tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, nígbà tí Àjíkẹ́ ti padà sílé, tí ó jẹ́ opó, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ń fi ọgbọ́n sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí Àlàbí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣú òun lópó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kú ní Ọ̀yọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, a sì dúró títí di fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó ilé rí níbi òkú mọ ohun tí ojú mi rí. Ìdí ìkòkò ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò ronú kan Àjíkẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, ọkọ mi ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Mo yára fa bíró, mo kọ gbólóhùn méjì sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọkànléláàádọ́rin kí n má baà gbàgbé ibi tí ìtàn ń lọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, láìfi àmì kankan sí i:

Ajike ti mo ibi ti oko re wa. Ko gbodo so fun Alabi.

Lójú mi nígbà yẹn, ó yé mi kedere.

Ìdájí ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́ta láìsinmi. Mi ò kọ́kọ́ ka ohun tí mo ti kọ sẹ́yìn. Mo ní ṣebí èmi ni mo ni wọ́n, kí ni mo tún fẹ́ kà? Ọ̀rọ̀ ń wá bí omi ẹ̀rọ. Ó dùn mọ́ mi, mo tilẹ̀ ń rò pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ti ṣe ọpọlọ mi lóore. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé nígbà tí kíkọ bá rọrùn báyẹn lẹ́yìn tí mo ti pẹ́ níbòmíràn, kí n fura. Ẹ̀dá ìtàn tó wà láàyè máa ń ta kò mí. Èyí tó bá ń sọ gbogbo ohun tí mo bá fi sí i lẹ́nu, èmi náà ni mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀.

Àǹtí mi kan wà ní Ìjẹrù tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Gánà. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Wọn ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Tàmálè. Àwọn ni mo máa ń ka orí kọ̀ọ̀kan sí létí bó bá ti parí, nítorí wọ́n mọ ìlú tí mi ò dé rí, àti nítorí pé wọn kì í fi ojú àánú wo iṣẹ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá wọn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo, ojú wọn wà lára ẹ̀wà, etí wọn wà lọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

“Ẹ káàárọ̀, Àlàbí.”

“Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa. Kí lẹ ń rò tó bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi ni mò ń rò. Láti ìgbà tí a ti dé láti Gánà ni nǹkan ò ti rọrùn fún wa. Abíọ́nà sì ti wọ kíláàsì kejì báyìí, owó ìwé rẹ̀ ń kọ mí lóminú.”

Ìyá Gánà dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

“Àbẹ̀kẹ́, ta nìyẹn?”

“Àjíkẹ́ ni, Àǹtí.”

“Àjíkẹ́ wo? Ìyàwó ilé wo ló ń la orúkọ mọ́ àbúrò ọkọ lórí? Ṣebí Akọ̀wé ló ń pè é tẹ́lẹ̀.”

Òótọ́ ni. Láti orí kìn-ín-ní ló ti ń pè é ní Akọ̀wé, nítorí pé Àlàbí máa ń fi bíró há etí bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé dáadáa. Èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ ti gbàgbé pátápátá. Wọn ò sì tíì ṣe tán.

“Abíọ́nà wo ló sì wọ kíláàsì kejì? Kí la fi ń sọ ọmọ ní Abíọ́nà?”

Ojú tì mí. Ojú ọ̀nà la bí ọmọ náà sí, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 1969. Ọdún 1973 ni ìtàn wà, ọmọ náà kò tíì pé mẹ́rin. Ọdún tí a bí i àti ibi tí a bí i wà nínú orúkọ tí mò ń kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ewé kan, mi ò gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ti padà sídìí ẹ̀wà wọn: “Obìnrin yẹn kì í dáhùn ìbéèrè rí. Ìwọ náà lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á wá ìbéèrè mìíràn fún ẹni náà. Èyí tí o kà yìí ń rojọ́ bí ẹni tó wà ní kóòtù.”

Ẹ wò ó, àgbàlagbà yìí gbọ́ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lé ní oṣù kan sẹ́yìn. Ó rántí. Èmi tí mo bá Àjíkẹ́ jí fún oṣù mẹ́rin ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo délé, mo fa ìwé kékeré kan yọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa kọ ìrísí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Àjíkẹ́: ó pupa, ó ga, ó kọ pélé, eyín iwájú rẹ̀ dá méjì, ó fẹ́ràn ọ̀jà tó pọ́n. Mo ka gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí mo gbàgbé, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tó wúlò. Mo lè ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ kí n má mọ ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti tún ojú ewé mẹ́ta náà ṣe. Mo yọ Àlàbí, mo fi Akọ̀wé sí i. Mo mú Abíọ́nà kúrò ní ilé ìwé, mo dá a padà sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, mo wá rántí pé ọmọ tó fẹ́ẹ̀ pé mẹ́rin ti kọjá pípọ̀n, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rántí pé Àjíkẹ́ máa ń sọ “Tò” bí àwọn Haúsá kí ó tó sọ pé òun ò fẹ́ nǹkan, torí ó ti pẹ́ lọ́jà Tàmálè. Mo fi “Tò” mẹ́rin sí i. Mo rántí pé ṣílè ló ṣì fi ń ka owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà ti dé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè kan ni fún un. Mo fi ìyẹn náà sí i. Mo tún un kà fún Ìyá Gánà.

“O ti wọ aṣọ fún un,” ni wọ́n wí. “Èèyàn ò sí nínú aṣọ náà.”

Mo bínú díẹ̀, n ò níí purọ́. Àmọ́ wọ́n tọ̀nà. Ohun tí mo tò jọ, àṣà ẹnu ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá padà sí gbólóhùn méjì tí mo kọ sílẹ̀ kí n tó lọ. Mo ti kà á ní ọjọ́ tí mo dé, mo sì kà á sí “ọkọ”. Àjíkẹ́ ti mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó dùn létí, ó jọ ìtàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: lẹ́tà dé láti Kùmásí, ọkùnrin náà wà láàyè, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ti kọ tó ojú ewé méjì kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mo ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ojú ewé kẹtàdínlógún, èmi fúnra mi ni mo sin ọkùnrin náà. Mo wẹ̀ ẹ́, mo kírun sí i lára, mo jẹ́ kí Àjíkẹ́ fi ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ sàréè rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Tàmálè. Mo ya ojú ewé méjì náà.

Kí wá ni “oko”? Mo mú bíró pupa, mo kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú àmì: ọkọ, oko, ọkọ́, ọkọ̀. Ọkọ ti kú. Ọkọ́ tí a fi ń roko kò ní ìtumọ̀ kankan níbẹ̀, ta ló ń wá ọkọ́? Oko ni mo dúró lé lórí jù, torí pé ilẹ̀ ẹbí wà nínú ìtàn, ìjà sì wà lórí rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè pé bó bá jẹ́ oko ni, kí ló yẹ kó ti jẹ́ òótọ́ ṣáájú ojú ewé kọkànléláàádọ́rin? Ó yẹ kó jẹ́ pé Àlàbí kò mọ ibi tí oko wà. Mo wá a. Ní orí kẹta Àlàbí gan-an ló ń dá oko náà, iṣu rẹ̀ ló ń tà. Ẹni tó ń jí lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni a fẹ́ fi pamọ́ fún un?

Ó ku ọkọ̀. Mo lọ wá gbogbo ibi tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀ nínú ìtàn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Ní orí kejì, bọ́lẹ̀kájà tí ọkọ Àjíkẹ́ fi gbogbo owó rẹ̀ rà ló gbé wọn kúrò ní Tàmálè, gíà rẹ̀ já nígbà tí wọ́n dé Pàràkú ní Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òní, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn wálé. Ìyẹn ni ìkíní. Ìkejì, ní ojú ewé kejìdínláàádọ́rin, ọkùnrin kan láti Pàràkú dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé, ó ń béèrè ìyá Abíọ́nà. Mo kọ ọ́, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sí ìsìnkú.

Mi ò lè fi ọwọ́ sọ́yà pé ohun tó wà lọ́kàn mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni, tí kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó di “Àjíkẹ́ ti mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Kò gbọdọ̀ sọ fún Àlàbí,” gbogbo ohun tí Ìyá Gánà ń wí tò sí ààyè rẹ̀. Obìnrin yìí ní bọ́lẹ̀kájà kan nílẹ̀ òkèèrè. Bí Àlàbí bá gbọ́, lọ́la ni yóò wọ ọkọ̀ lọ Pàràkú, yóò ní ohun ìní ẹ̀gbọ́n òun ni, yóò tà á. Ẹni tó bá fi nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ pamọ́ kì í dáhùn ìbéèrè tààrà, kódà bí wọ́n bá bi í pé ṣé òjò rọ̀ lánàá. Kì í ṣe àṣà ẹnu ni, ẹ̀rù ni. “Tò” rẹ̀ sì ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi ń wá ibi tí yóò sá gbà.

Lójú ẹsẹ̀ kọ́ ni mo kọ nǹkan titun. Ìdájí ọjọ́ kejì, mo kọ́kọ́ mú ìwé mìíràn, mo fi ọwọ́ da ojú ewé méjì tó kẹ́yìn kí n tó lọ Ọ̀yọ́ kọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń da iṣẹ́ ojú pátákó kọ. Ó sú mi. Àmọ́ ní nǹkan bí ìdajì ojú ewé kejì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Kíkà lásán kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo bá ń kà, èmi ni mò ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bá ń dà á kọ, ìwọ̀n gbólóhùn rẹ̀ ló ń padà sọ́wọ́, bó ṣe ń kúrú bí Àlàbí bá wọlé, bó ṣe ń gùn bó bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ibi tí ìdàkọ parí sí ni mo gbà kọjá lọ, láìgbé bíró sílẹ̀:

“Ìyàwó wa, wọ́n ní àlejò kan wá kí yín lánàá.”

“Akọ̀wé, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun. Kí ló ń wá?”

“Ta ló rí i?”

“Gbogbo agbo ilé ló rí i.”

“Tò. Gbogbo agbo ilé rí i, wọn ò wá sọ ohun tó ń wá fún yín?”

Ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ó gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. “Tò” ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Ṣílè kò sí níbẹ̀ rárá, torí kò sí ẹni tó ń tajà.

N kò rí gbogbo wọn gbà padà o. Bàbá onídùùrù kan wà ní orí kẹrin tó máa ń kọjá lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ ọjà, tí mo mọ̀ pé mo ní ìdí tí mo fi ń mú un kọjá. Mo wá ìdí náà títí, mi ò rí i. Mo yọ ọ́ kúrò. Ìyá Gánà ò tíì béèrè rẹ̀.

Ní báyìí, bí n óò bá dìde kúrò nídìí ìwé, kódà bó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mò ń lọ, mo máa ń kọ ohun tí ẹni tí mo fi sílẹ̀ ń fi pamọ́, àti ẹni tí ó ń fi pamọ́ fún. N kì í kọ ìrísí mọ́. Mo sì ń fi àmì sí i, bó ti wù kí fèrè ọkọ̀ ó pariwo tó. Mo tún ti ṣíwọ́ dídúró síbi tí orí bá parí. Àárín ìjà ni mo máa ń dúró sí, níbi tí ẹnì kan ti béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì ò tíì fèsì. Bí mo bá dé, ìbéèrè náà ló máa kọ́kọ́ kò mí lójú.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ka orí náà fún Ìyá Gánà látòkè délẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi dé ibi tí Àlàbí ti jáde, tí Àjíkẹ́ sì ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan wọn.

“Àbẹ̀kẹ́,” wọ́n ní, “níbo lo ní bọ́lẹ̀kájà yẹn wà ní Pàràkú?”

“Àǹtí,” mo ní, “ta ló sọ fún yín pé bọ́lẹ̀kájà wà níbẹ̀?”